Ọdún Márùn-ún Ẹnu Ọ̀gá, Ọdún Mẹ́ta Ẹnu Bàbá

Iṣẹ́ táìpù ni mo fi ń jẹun nígbà náà, ní ilé-iṣẹ́ oníṣòwò kan ní Dùgbẹ̀ tí ń ta sìmẹ́ńtì, páànù, ìṣó àti kẹrosíìnì. Ibẹ̀ kò jìnnà sí ibùdó rélùwéè. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń fọn fèrè, gbogbo wa á dákẹ́ títí yóò fi fọn ún tán, nítorí ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lọ nígbà náà, ara rẹ̀ ló ń bá sọ ọ́. Èmi ni mo ń tẹ ìkéde iṣẹ́ tí ọ̀gá wa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwé ìròyìn. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé n kò gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ojú mi ni wọ́n ti ń se iye ọdún tí àwọn tó ń wáṣẹ́ máa ń kà nínú ìwé ìròyìn.

Ọ̀gá wa yìí ni ó ń gba ènìyàn síṣẹ́. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, tí obì kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, tí kì í sì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí sítọ́kípà wa àgbà, ẹni tó ń tọ́jú ọjà, fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí Kàdúná, ó pè mí pé kí n wá tẹ ìkéde.

Ó ní, "Kọ ọ́ pé a ń wá sítọ́kípà. Kó mọ ìwé, kó mọ ìṣirò, kó sì ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ọdún..." Ó dúró. Ó wo àjà. Ó wo àga tí sítọ́kípà fi sílẹ̀. "Ọdún mélòó ni ọkùnrin yẹn lò lọ́dọ̀ wa?"

"Ọdún márùn-ún ni, sà."

"Kọ márùn-ún."

Ẹ̀rín pa mí. N kò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń tẹ ìkéde, èrò mi ni pé àwọn àgbààgbà kan jókòó níbì kan, wọ́n wọn iṣẹ́ yìí bí aránṣọ ṣe ń wọn ènìyàn, wọ́n wá rí i pé ọdún márùn-ún ló bá a mu. Àṣé aṣọ ẹni tó lọ ni wọ́n gbé kọ́ sára ògiri, wọ́n ní kí ẹni tó ń bọ̀ wá wọ̀ ọ́.

Ọ̀gá ò bínú. Ó bu obì, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, bí n kò bá kọ iye kan síbẹ̀, gbogbo ọmọ tó bá jáde ilé ìwé módà láti ibí dé Ojóò ni yóò tò sẹ́nu ọ̀nà mi lọ́la. Ọgbà ni ọdún yẹn. Ọgbà kì í ṣe odi. Ẹni tó bá ní ọdún mẹ́ta, tàbí méjì àbọ̀, tó mọṣẹ́, tó fò ó wọlé, n kò ní lé e. Ẹni tí kò mọ ẹ̀yìn àpò sìmẹ́ńtì yàtọ̀ sí iwájú rẹ̀ ni n kò fẹ́ kó fò."

Mo tẹ márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń tẹ̀ ẹ́ ni ọkàn mi ń sáré lọ sí Bódìjà, nítorí ibẹ̀ ni àfẹ́sọ́nà mi ń ṣiṣẹ́.

Àfẹ́sọ́nà mi yìí ni ó ń tọ́jú sítọ̀ọ̀ fún kọńtírákítọ̀ kan tó ń kọ́ ilé ní Bódìjà, nígbà tí eruku ibẹ̀ ṣì pupa yéye, tí ilé tuntun ń yọ bí olú. Olóòótọ́ ni, òótọ́ rẹ̀ sì máa ń dùn mí nígbà mìíràn. Bí ẹni tó ń ta ọsàn bá fún un ní ẹ̀yọ kan lé, á pe onítọ̀hún padà láti dá a padà, àwa tó kù á dúró nínú oòrùn. Níṣojú bàbá mi, "ẹ" ni mo ń pè é. Bí a bá ku àwa méjì, ó di "ìwọ".

Bàbá mi ni ìṣòro wa. Akọ̀wé ìjọba ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ilé rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ Ring Road. Ìyá mi ti kú láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé, èmi nìkan ni mo sì kù nílé. Lọ́jọ́ tí àfẹ́sọ́nà mi kọ́kọ́ wá fara hàn, bàbá mi wò ó láti orí dé bàtà, ó ní, "Ẹni tí yóò fẹ́ ọmọ mi gbọ́dọ̀ ti lo ọdún mẹ́ta gbáko lẹ́nu iṣẹ́ kan náà. Ọdún mẹ́ta. Iṣẹ́ kan náà." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka òfin ìjọba síta. Àfẹ́sọ́nà mi dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Ó dúpẹ́, ẹ gbọ́ mi bí? Ó ní ó dára kí ènìyàn mọ ibi tí òun dúró.

Nígbà tí mo ń tẹ ìkéde yìí, ó ti lo ọdún méjì ó lé díẹ̀ ní Bódìjà. Kérésì tó ń bọ̀ ni yóò pé mẹ́ta. Ohun tó wà ńbẹ̀ ni pé ilé tí kọńtírákítọ̀ yẹn ń kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó sì ti sọ fún wọn pé tí òun bá kan ilẹ̀kùn ìkẹyìn, kí oníkálùkù gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Bí a bá jókòó dúró, àfẹ́sọ́nà mi á pé ọdún mẹ́ta gégé, á sì wá bá bàbá mi láìníṣẹ́ lọ́wọ́. Èmi ò lè gbé ìyẹn mì.

Nítorí náà, nígbà tí ìkéde jáde, èmi fúnra mi ni mo ra ìwé ìròyìn fún un. Ó kà á, ó ká a, ó dá a padà fún mi.

Ó ní, "Ọdún márùn-ún ni wọ́n ń wá."

Mo ní, "Ẹni tó lọ ni wọ́n ń wá. Ìwọ kọ̀wé."

"N kò ní márùn-ún. Ṣé kí n parọ́ ni?"

"Ta ló ní kí o parọ́? Kọ iye tí o ní. Kọ ohun tí o fi iye yẹn ṣe ṣáájú, kí wọ́n tó dé ibi ọdún. Jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn sọ pé kò tó. Kí ló dé tí o fẹ́ bá wọn lé ara rẹ?"

Ó lọ kọ ọ́. Nígbà tó mú un wá, ìlà kìíní sọ báyìí pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò tóótun, òun tọrọ àforíjì pé òun kọ̀wé rárá. Mo fà á ya níṣojú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó gbé àforíjì náà lọ sí ìparí. Mo tún fà á ya. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó wá kọ ohun tó dára, tí mo sì bá a tẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ sọ fún ọ̀gá pé ọ̀kan nínú àwọn tó kọ̀wé jẹ́ ẹni mi, kó má bàa gbọ́ níta. Ọ̀gá ní, "Ó dára. Ní ọjọ́ náà, ìwọ má wọlé. Lọ jókòó sẹ́yìn."

Ẹ̀yìn tó wí yìí, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà láàrin rẹ̀ àti yàrá ọ̀gá. Bí ènìyàn bá sín níbẹ̀, ẹni tó wà lódì kejì á ní "pẹ̀lẹ́".

Àwọn bíi mélòó kan ni wọ́n pè. Ẹni tó ṣáájú ti ṣe iṣẹ́ náà ju ọdún márùn-ún lọ. Ọ̀gá bi í pé kí ló máa ń ṣe bí ọjà bá dín. Ó ní òun máa ń fi tó ọ̀gá òun létí. Ọ̀gá ní lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́. Ó ní ọ̀gá òun ló máa ń mọ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti dáhùn tán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àfẹ́sọ́nà mi wọlé.

Ọ̀gá ní, "Ọdún márùn-ún ni a béèrè. Ìwọ kò ní in."

Àfẹ́sọ́nà mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

 Mo ti eyín bọ ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Rélùwéè fọn fèrè, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró dè é títí ó fi fọn ún tán. Mo rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n fèrè yẹn ló ràn wá lọ́wọ́, ó fún ọkùnrin náà láyè láti rántí ohun tí mo ti kọ́ ọ.

Ó ní, "Nígbà tí mo dé Bódìjà, sà, sìmẹ́ńtì ń le mọ́ wa lọ́wọ́. Àpò tuntun ni wọ́n ń tò síwájú, òun ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ gbé, èyí tó ti pẹ́ á wà lẹ́yìn di òkúta. Mo yí i padà. Mo ní kí wọ́n fi pákó sábẹ́ rẹ̀, kó má kan ilẹ̀, kí èyí tó pẹ́ wà níwájú, tuntun lẹ́yìn. Àtìgbà náà, a ò da sìmẹ́ńtì nù mọ́."

Ọ̀gá bi í léèrè báwo ló ṣe ń mọ èyí tó pẹ́. Ó ní òun máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ tí wọ́n já a sí ara rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì, wọn kò tún dárúkọ ọdún mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti di sítọ́kípà wa.

Inú mi dùn débi pé mo ra ẹja tútù lọ sílé. Mo se é dáadáa fún bàbá mi, mo jẹ́ kó jẹun yó, kí n tó sọ fún un pé àna rẹ̀ ti gba iṣẹ́ tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, ní Dùgbẹ̀. Bàbá mi nu ọwọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ó káre. Òní ni kó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún mẹ́ta rẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, ó ti lo ọdún méjì ó lé ní Bódìjà."

"Iṣẹ́ kan náà ni mo wí. Ní iṣẹ́ ìjọba, bí wọ́n bá ní ọdún mẹ́ta kí o tó gun òkè, ọdún mẹ́ta ni. Bí o bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí o padà wá, ìsàlẹ̀ ni wàá ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ẹnìkan tó lọ ṣòwò kòkó fún oṣù díẹ̀, tó padà wá bá àwọn ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ lórí ara rẹ̀."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹja mi padà.

Nígbà tí mo rojọ́ fún ọ̀gá, kò bu ẹnu àtẹ́ lu bàbá mi. Ó ní, "Òótọ́ ni ti ìjọba. Èèyàn púpọ̀ ló wà lórí ìlà kan náà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fo ẹnìkan gòkè kó tó pé, gbogbo àwọn tó wà níwájú rẹ̀ á pariwo, wọ́n á sì kọ̀wé ẹ̀sùn. Kì í ṣe ọgbà níbẹ̀, odi ni. Bí o bá rí ọdún níbì kan, má bi í léèrè pé mélòó. Bi í léèrè pé ta ló dúró sẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi nìkan, mo lè rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí kò sí nínú ilé yìí, òfin ni o, tàbí láísẹ́nsì, èmi náà ò lè mì ín."

Èmi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀. Àfẹ́sọ́nà mi, tí mo padà sọ ọ́ fún, ìdajì rẹ̀ ló gbọ́. Ẹ mọ bí ẹni tí kì í mutí ṣe ń rí bó bá mu ún lọ́jọ́ kan. Ọkùnrin tó ń tọrọ àforíjì kó tó kọ̀wé ti di oníwàásù. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá rí pé irọ́ lásán ni ọdún tó wà nínú ìwé ìròyìn, kí wọ́n máa kọ̀wé lọ. Ó sọ fún ẹni tó ń fá irun rẹ̀. Ó sọ fún àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá sọ fún àbúrò bàbá mi, ibẹ̀ ni ilé ti fẹ́ dàrú.

Àbúrò bàbá mi yìí, awakọ̀ ni, Bàbá Kékeré ni a ń pè é. Ìtòsí gáréèjì ní Challenge ló ń gbé. Òun nìkan ṣoṣo ni ẹni tí bàbá mi máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu nínú gbogbo ẹbí, òun sì ni a ti fi ojú sí pé yóò bá wa bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta. Ó ti wa ọkọ̀ agégẹdú nínú igbó láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ wa kéde pé a ń wá awakọ̀ táńkà kẹrosíìnì, tó ti ní láísẹ́nsì ọkọ̀ ńlá fún ọdún márùn-ún, àfẹ́sọ́nà mi gbé ìwé ìròyìn lọ bá a.

Ó ní, "Ẹ kọ̀wé, Bàbá. Márùn-ún yẹn, ọgbà ni."

Wọn ò sọ fún mi. Àfẹ́sọ́nà mi fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu tí yóò dùn mọ́ mi nínú. Ó sì yà mí lẹ́nu lóòótọ́, nígbà tí mo gbé ojú sókè láti ibi táìpù mi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo rí Bàbá Kékeré lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú agbádá funfun, fìlà rẹ̀ gẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tí ó ń bi mí léèrè ibi tí ọ̀gá wà.

Mo ní, "Bàbá Kékeré, kí lẹ wá ṣe?"

Ó ní, "Mo wá gba táńkà mi."

Kò sí ohun tí mo lè ṣe. Mo lọ sẹ́yìn pátákó, mo jókòó.

Ẹ bá mi gbọ́ bí Bàbá Kékeré ṣe sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó sọ bí òun ṣe wa ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì sọ̀kalẹ̀ òkè. Ó sọ bí afárá igi ṣe já lábẹ́ táyà ẹ̀yìn òun, tí òun kò wẹ̀yìn. Mo gbọ́ tí ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín. Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rí láísẹ́nsì yín."

Ìwé náà dún bó ti ń ṣí i. 

Ọ̀gá ní, "Bàbá, èyí kò tíì pé ọdún méjì."

Bàbá Kékeré ní, "Ìwé ni kò tíì pé. Èmi ti pé. Inú igbó ni mo wà, ta ni yóò béèrè láísẹ́nsì lọ́wọ́ mi níbẹ̀? Ṣé ọ̀bọ ni? Ìgbà tí mo wá sí títì ni mo gbà á."

"Mo gbà pé ẹ mọ ọkọ̀ wà. Bó bá ṣe tèmi, ẹ ti gba kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì ló kọ ọdún yẹn. Ọjọ́ tó wà lára láísẹ́nsì ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ti inú igbó. Bí kẹrosíìnì bá dà nù, tàbí ó gbiná, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè ni láísẹ́nsì awakọ̀. Bí ọdún rẹ̀ kò bá pé, wọ́n á ní àwọn kò mọ̀ wá rí. Wọn ò ní san kọ́bọ̀ fún ẹni tí ilé rẹ̀ bá jó."

"Iná wo? Ta ló fẹ́ dáná?"

"Kò sẹ́ni tó fẹ́, Bàbá. A ní ọkọ̀ kékeré kan tó ń pín ìṣó àti páànù. Ti ìyẹn, ọdún kan ni inṣọ́ránsì béèrè. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

Bàbá Kékeré dìde. Ó ní ẹni tó ti wa agégẹdú kì í sọ̀kalẹ̀ wá wa agolo. Ó jáde, ó kọjá lára mi, ó dúró. Ó ní, "Sọ fún ọkọ rẹ pé ọgbà rẹ̀ ti gún mi lẹ́sẹ̀. Kó má ṣe jẹ́ kí n rí òun ní ilé ẹ̀gbọ́n mi."

Mo bínú sí àfẹ́sọ́nà mi lọ́jọ́ náà débi pé mo fi "ẹ" pè é nígbà tí a ku àwa méjì. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Mo ní, "Ẹ wo ìkéde náà dáadáa. Ti sítọ́kípà ní 'kó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí'. Èyí ní 'kó ti ní láísẹ́nsì'. Ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ ìwé tí ẹlòmíràn ń fún ènìyàn, ẹ mọ̀ pé ẹlòmíràn ló ń ka ọdún náà."

Ó ní, "Màá lọ bẹ̀ wọ́n."

Ó lọ sí gáréèjì Challenge, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú epo dúdú tó wà nílẹ̀ ibẹ̀, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ṣoṣo tó ní. Bàbá Kékeré kò dá a lóhùn. Ó lọ lọ́jọ́ kejì, ó tún dọ̀bálẹ̀. Àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á bí ẹni tó ń wá iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni Bàbá Kékeré ní kó dìde, pé bó bá tún dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á rò pé òun jẹ ẹ́ lówó. Ìyàwó rẹ̀ náà ti ń bá a wí nílé, pé agolo tó ń mówó wálé sàn ju táńkà tí kò sí lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Monday kan ni mo rí Bàbá Kékeré nínú ọkọ̀ kékeré wa, tí ó ń fẹ́ fèrè mọ́ mi bí ẹni pé òun ló ni Dùgbẹ̀.

Ìdílé àfẹ́sọ́nà mi wá tọrọ mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Bàbá rẹ̀ wá, àwọn àǹtí rẹ̀ méjì wá, òun náà tẹ̀lé wọn, wọ́n gbé ọsàn àti bísíkíìtì. Bàbá mi gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì fi sùúrù sọ fún wọn pé ọdún mẹ́ta kò tíì pé. Àwọn àǹtí fajú ro. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, abọ́ omi dání.

Bàbá Kékeré, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, wú ikọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè kan. Ọdún mẹ́ta yìí, ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀?"

Bàbá mi ní, "Báwo?"

"Wọ́n lé mi kúrò nídìí táńkà nítorí ọdún. Inú bí mi. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ibẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé àwọn ará ìta ló ni ọdún yẹn, pé àwọn ni yóò bínú. Mo gbà. Ti yín yìí ńkọ́? Ṣé ìjọba ló kọ ọ́? Ṣé inṣọ́ránsì ni? Bí a bá yọ ọ́ kúrò lónìí, ta ni yóò bínú?"

Bàbá mi gbé ojú sókè. Ó ní, "Èmi ni."

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Èmi nìkan."

Bàbá Kékeré ní, "Bí ó bá jẹ́ ẹni tó wà nínú ilé ni, ọgbà ni o, Ẹ̀gbọ́n."

Mo dúró de ìbínú bàbá mi. Kò bínú. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ pẹ́, ó ní, ohùn rẹ̀ sì kéré, "Mo mọ̀ pé ọgbà ni. Bí n kò bá kọ iye kan síbẹ̀, wọ́n á mú un lọ lọ́la. Ta ni yóò kù sí ilé yìí pẹ̀lú mi?"

 Àwọn àǹtí gbójú sílẹ̀. Mo gbé abọ́ kalẹ̀ lórí pákó ilé ìdáná. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, n kò gbọ́ kí bàbá mi sọ irú rẹ̀ rí. Gbogbo oṣù tí mo fi ń bá a jà lọ́kàn mi lórí ọdún mẹ́ta, èrò mi ni pé àfẹ́sọ́nà mi ló ń wọ̀n.

Àfẹ́sọ́nà mi ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní, "Bàbá, yàrá tí mo fẹ́ gbà fún wa wà ní òpópónà kejì sí ibí. Ẹ lè pe ọmọ yín láti fèrèsé."

Bàbá mi ní kó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà dáadáa, pé fèrèsé wo, ti iwájú tàbí ti ẹ̀yìn. Nígbà tó ní ti ẹ̀yìn, bàbá mi mi orí. Ó ní kí wọ́n gbé ọsàn wọn wọlé.

Ibẹ̀ ni ǹ bá dákẹ́ sí, bí kì í bá ṣe pé ìwàásù ò tíì jáde lára ọkọ mi tán. Isinmi tí ilé-iṣẹ́ fún un ti sún mọ́lé, inú rẹ̀ ni a sì fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Àwa méjì pẹ̀lú bàbá mi lọ bá àlùfáà wa, ó sì ṣàlàyé pé òun yóò kéde wa níwájú ìjọ ní Sunday mẹ́ta kí òun tó so wá pọ̀. Ọkọ mi wo àlùfáà, ó wò mí, ó fi ẹ̀rín músẹ́ sẹ́nu. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ó ti pẹ́ jù.

Ó ní, "Alàgbà, ṣé a ò lè ṣe é ní méjì? Gbogbo ìjọ ló mọ̀ wá."

Àlùfáà wò ó lókè gíláàsì rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe èmi ni mo ní in. Nítorí ẹni tí kò tíì gbọ́ ni a ṣe ń kéde. Bó bá wá gbọ́ ní Sunday kẹta pé ìwọ ni ọkọ òun, ńkọ́? Mẹ́ta ni."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi ní láti di àga àlùfáà mú. N kò rántí ìgbà tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ ṣé, Alàgbà. Mo ṣáà rí mẹ́ta mi gbà."

Ó gbádùn Sunday mẹ́ta náà débi tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ó ń tètè múra, á dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, á sì máa wọ́ ẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí ọ̀nà lè gùn. Ọkọ mi máa ń tẹ̀lé wa lẹ́yìn pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí epo Challenge kò tíì jáde lára rẹ̀ tán. Ní Sunday kẹta, nígbà tí àlùfáà béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ ohun tó lè dí wa lọ́wọ́, Bàbá Kékeré yí padà lórí àga iwájú, ó wo gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi di ọwọ́ mi mú. Àlùfáà gbé ìwé ìkéde wa sí ẹ̀gbẹ́ kan, bàbá mi kò sì tíì fi ọwọ́ mi sílẹ̀ nígbà tí a dìde láti kọrin.